Àwọn Atajà Àrìnkẹ́ Tí Kì Í Sọ̀rọ̀

Àrìnkẹ́ Fásuàn, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ni ọ̀gá àwọn atajà fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta irúgbìn àti kẹ́míkà oko káàkiri Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ̀ ti ọdún yìí, ipò olórí gbogbo Èkìtì tó ti ń retí kò sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ya àwọn oníṣọ́ọ̀bù lẹ́nu, nítorí kò sí ẹni tó lè tajà tó o.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí Àrìnkẹ́ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, kì í dárúkọ ọjà. Á béèrè ọmọ tó wà ní Ìbàdàn, á béèrè orúnkún tó ń dun bàbá, á bá ẹni tí àgbàdo rẹ̀ kú lọ́dún èṣí kẹ́dùn, títí oníṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ yóò fi béèrè ohun tó kó wá.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni nǹkan kan ti ń tẹ̀ lé e. Ìmọ́lẹ̀olúwa, ọ̀kan nínú àwọn atajà rẹ̀, fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìdágbére fún un. Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ti gba Èkó lọ, Àrìnkẹ́ sì gbàgbé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, níwájú ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdó, ọlọ́kadà kan ṣí akoto lórí, ó tẹrí ba, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà.” Ìmọ́lẹ̀olúwa ni. Kò fajú ro, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó gbé èrò rẹ̀, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀kadà bá ti dúró lẹ́yìn Àrìnkẹ́, á yíjú wo ẹni tó gùn ún. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí àlùfáà bá ní kí oníkálùkù dákẹ́ kó yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò, ojú ọmọ yẹn ló máa ń rí, ojú tí kò béèrè nǹkan kan. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Kí ni ì bá sọ? Ọmọ náà kí i ni, kò ṣépè fún un.

Báyìí ni ọjọ́ àyẹ̀wò ṣe bá a. Ọládèjì, ọ̀gá rẹ̀ láti Àkúrẹ́, ló wá ṣe é. Àrìnkẹ́ fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ, nítorí náà Ìyá Dámilọ́lá ni Ọládèjì ń pè é, Àrìnkẹ́ náà sì ń pè é ní Ọ̀gá. Ó ní kí Àrìnkẹ́ kọ́kọ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ bí ọdún ṣe rí. Obìnrin náà sọ ti ọjà tó tà, Ọládèjì sì gbà pé kò sí ẹni tó súnmọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló béèrè nípa àwọn atajà lọ́kọ̀ọ̀kan: kí ni èyí mọ̀ ọ́n ṣe, kí ni kò mọ̀, kí ni ẹ kọ́ ọ lọ́dún yìí?

Àrìnkẹ́ ní àwọn ọmọ ìwòyí kò fẹ́ ṣe wàhálà, pé oṣooṣù lòun ń bá wọn jáde. Ọládèjì rán an létí ohun tí wọ́n sọ nípàdé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, pé ọjà tí ọ̀gá tà kò tó mọ́ láti fi wọ̀n ọ́n, pé ìdajì máàkì wà fún bó ṣe ń darí àwọn ènìyàn rẹ̀ àti bó ṣe ń kọ́ wọn. Ó ní bí wọ́n bá yọ ọjà tí Àrìnkẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tà kúrò, ohun tó kù kò tó nǹkan. “Ẹ̀yin nìkan lẹ gbé agbègbè yìí rù, Ìyá Dámilọ́lá. Bí ibà bá dá yín dúbúlẹ̀ ńkọ́?”

Ó ní kí àwọn lọ wo iṣẹ́ lójú iṣẹ́. Wọ́n mú Ọpẹ́yẹmí, ẹni tó ń tajà ní ìhà Ìrèlé, wọ́n sì fẹnu kò nínú mọ́tò pé Ọpẹ́yẹmí ni yóò sọ̀rọ̀, Àrìnkẹ́ yóò kàn máa wò ó.

Felicia ló ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lọ. Ó yẹ irúgbìn àgbàdo tuntun wò, ó béèrè bóyá ó lè fara da ọ̀dá. Ọpẹ́yẹmí la ẹnu, ó sì yíjú wo Àrìnkẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ náà tún wò ó. Felicia ti ń nawọ́ irúgbìn padà, Àrìnkẹ́ kò sì lè fara dà á mọ́. Ó gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Kò pẹ́ tí Felicia fi ra irúgbìn náà, ó tún fi kẹ́míkà kún un.

“Ọjà yín dáa,” ni Felicia wí bí wọ́n ṣe ń dìde, “ẹ kú uṣẹ́ o. Ọmọ yín yìí ńkọ́? Ó ti pẹ́ tó ti ń tẹ̀ lé yín wá síbí. Mo ti sọ fún ọkọ mi pé odi ni.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Ọpẹ́yẹmí ló ròkè jù, òun ló sì wọ Àrìnkẹ́ lára.

Lọ́nà, Ọládèjì béèrè lọ́wọ́ Ọpẹ́yẹmí ohun tí ì bá fi dáhùn. Ó mọ ìgbà tí irúgbìn náà ń gbó, ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀dá kò yé e. Àrìnkẹ́ ń gbọ́ bí àlejò. Kò mọ èyí tí ọmọ náà mọ̀, kò sì mọ èyí tí ọmọ náà kò mọ̀.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì ní ọ́fíìsì, Ọládèjì sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ máa ń bá ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ sọ̀rọ̀, àti pé Ìmọ́lẹ̀olúwa gbà kí wọ́n sọ ohun tó sọ fún Àrìnkẹ́.

“Ó ní òun kò mọ̀ bóyá òun lè tajà. Ó ní òun kò tíì dán an wò rí.”

Ti àǹtí rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òsì ni Àrìnkẹ́ fi dáhùn. Ọmọ kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ẹ̀yìn ló ń dúró sí, á máa wo ẹnu àgbà. “Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọ, Ọ̀gá. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ làwọn náà ń kọ́ ọ.”

“Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ dá tajà?”

Ó rò ó. “Ìgbà tí àìsàn gbé àǹtí mi dè.” Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ.

Ọládèjì fún un ní máàkì tó ga jù lórí ọjà. Lórí dídarí ènìyàn àti kíkọ́ wọn, ó kọ pé kò tíì tó, ó sì to àwọn àpẹẹrẹ tó fi rí i bẹ́ẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí Àrìnkẹ́ kọ èrò tirẹ̀ náà bí kò bá fara mọ́ ọn. Àrìnkẹ́ kọ ọ́ pé òun gbà. Ipò Èkìtì lọ bẹ́ẹ̀, ó kéré tán fún ọdún yìí. Wọ́n fi àdéhùn sí i: á máa bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jáde, atajà ni yóò sọ̀rọ̀, bí ọjà bá fẹ́ bọ́, kó bọ́. Tí wọ́n bá jáde nínú ṣọ́ọ̀bù, Àrìnkẹ́ yóò kọ́kọ́ bi atajà léèrè ohun tí atajà náà rí, kó tó sọ èyí tí Àrìnkẹ́ rí, kí wọ́n sì mú ohun kan péré tí yóò tún ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Ọládèjì yóò padà wá wò ó lóṣù kẹsàn-án.

Ojú Ìmọ́lẹ̀olúwa kò tíì fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ Sunday, nígbà tí ìjọ dákẹ́, ó tún rí i, Ọpẹ́yẹmí sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Thursday tó ń bọ̀, òun àti Ọpẹ́yẹmí yóò lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Òsì. Ọpẹ́yẹmí ni yóò sọ̀rọ̀.