Àmì Tí Sikánà Gbá Dànù

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Mi ò pẹ́ nílé ìwé, ẹnu mi ò sì yá láàárín èèyàn. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ẹ fà á lọ́wọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mò ń sọ, ẹ̀rù tó bà mí ni ò sì jẹ́ kí n gbàgbé.

Kumasi ní Gánà ni wọ́n bí mi sí, Ìlọrin ni bàbá àgbà wa ti wá. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kéékèèké ní Adum, ọ̀gá kan tó jẹ́ ará wa gbà mí láti máa tẹ̀wé. Ó ra sikánà kan, pẹrẹsẹ bí àtẹ. A ó dojú ìwé dé gíláàsì rẹ̀, yóò sì ya ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà bí àwòrán. Lẹ́yìn náà, ètò kan yóò wo àwòrán yẹn, yóò dá lẹ́tà rẹ̀ mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì sọ wọ́n di ọ̀rọ̀. Àmọ́ bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà tààrà sínú ètò tí a fi ń ya lébẹ́ẹ̀lì, ìlà á já síbi tí kò yẹ, àwọn àmì àjèjì á sì kún inú rẹ̀. Nítorí náà, àṣà wa ni pé a ó tẹ ohun tí ètò náà kà jáde sórí bébà, èmi á gbé bébà yẹn síwájú, màá tún un tẹ̀ sínú lébẹ́ẹ̀lì tuntun. Ojúlówó ìwé oníbàárà á ti wọ fáìlì kó má baà ya.

Hájíyà kan ní Anloga Junction ń ta oògùn. Ó ní oògùn ikọ́ ọmọ ọwọ́ kan tó máa ń rọ sínú ìgò. Àwọn tó ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kó lọ, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù sí i lọ́wọ́, epo ti kàn án, eṣinṣin sì ti yàgbẹ́ sí i lára káàkiri.

"Ẹ bá mi sọ ọ́ di ọ̀ṣọ́," ló wí. "Kí ó dà bí ìyàwó tuntun."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. "Hájíyà, ìyàwó yìí ti dàgbà o."

"Ìyá ẹ ló dàgbà."

A yà á. Ohun tí ètò náà kà jáde burú. Gbogbo ìgbẹ́ eṣinṣin ló ti di àmì ìdánudúró àti kọ́mà láàárín ọ̀rọ̀. Ọ̀gá mi bá sọ fún ètò náà kó kọ́kọ́ gbá ẹ̀gbin kúrò lára àwòrán, ìyẹn gbogbo tóótòòtó dúdú tó kéré ju lẹ́tà lọ. A tún kà á. Ó mọ́ tónítóní. Àwọn àmì ìdánudúró tó yẹ kó wà níparí gbólóhùn náà lọ, àmọ́ ìyẹn ò dà mí láàmú. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mò ń dá wọn padà síbi tí gbólóhùn bá ti parí. Ọ̀gá mi fi ètò tó ń yẹ sípẹ́lì wò yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àṣìṣe kankan. Hájíyà ò ka Gẹ̀ẹ́sì, àwọ̀ ló wò. Ó dùn mọ́ ọn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ló wá kó lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo délé bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ó ń fún ọmọ rẹ̀ lóògùn ibà. Ìdajì ṣíbí oògùn ló bù.

"Èéṣe tí ẹ ò bù ú kún?" ni mo bi í.

"Ṣé o fẹ́ pa á ni? Tí ṣíbí yìí bá kún, mílílítà márùn-ún ni. Méjì àtààbọ̀ ni tiẹ̀."

Mo rí ìlà tí mo tẹ̀ lánàá bí ẹni pé ó wà níwájú mi: mílílítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ṣíbí márùn-ún ni. Fún ọmọ ọwọ́.

Mi ò dágbére. Ọ̀gá mi ti ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo dé. Èmi tí kì í lè wò ó lójú, mo di kọ́kọ́rọ́ mú mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ẹ ṣí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i."

"Háà! Odi ilé wa ti fọhùn! Kí ló dé?"

A yọ ojúlówó náà nínú fáìlì. Mo gbé e sún mọ́ iná. Láàárín méjì àti márùn-ún, pọ́íńtì kan wà níbẹ̀, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ̀rọ ti gbá a dànù mọ́ ìgbẹ́ eṣinṣin. Èmi tí mò ń dá àmì padà síparí gbólóhùn, mi ò ronú pé nọ́ńbà náà lè ní tirẹ̀.

Ọ̀gá mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Wallahi," ló ń sọ ṣáá. A wọ takisí.

Hájíyà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ àwọn ìgò kan. Nígbà tó gbọ́, ó wó jókòó sórí àpótí.

"Ẹyọ kan ti jáde," ló wí. "Ìyàwó káfíńtà kan ni. Ẹnu ni mo máa ń fi sọ fún wọn, àmọ́ èrò pọ̀ lónìí. Mo ní kó ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́."

"Ṣé ó mọ̀wé?" ni ọ̀gá mi bi í.

"Ó mọ̀wé. Ọmọ náà ò tíì pé ọdún kan."

Ohun tí Hájíyà mọ̀ ò ju ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, àti pé Santasi ni wọ́n ń gbé, lẹ́yìn ilé epo. A lọ sí ibi tí ọkọ obìnrin náà ti ń kan àga, ó ti palẹ̀ mọ́. A gba Santasi lọ, à ń bi èèyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn kan ní òkè ni káfíńtà náà ń gbé, àwọn kan ní ó ti kó kúrò. Ọ̀gá mi ní ká lọ sùn, pé Ọlọ́run á ṣọ́ ọmọ náà. Kí a tó kúrò lọ́dọ̀ Hájíyà, ó ti fún mi ní ìgò kan tí ọ̀gá mi fi bírò dá pọ́íńtì náà padà sára lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kí n fi pààrọ̀ tibẹ̀.

Mo dùbúlẹ̀, mi ò sùn. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá ti mí, mo máa ń ka èémí rẹ̀ mọ́ ti ọmọ tí mi ò rí rí.

Tròtrò àkọ́kọ́, ìyẹn ọkọ̀ akérò, ni mo wọ̀ padà sí Santasi lówùúrọ̀. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ júwe ilé náà fún mi. Mo kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó káfíńtà fúnra rẹ̀ ló ṣí i.

"Akwaaba," ló fi kí mi káàbọ̀, ó ń wò mí. "Ta lò ń wá?"

Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́nà, gbogbo rẹ̀ sá lọ. Mo na ìgò ọwọ́ mi sí i. "Oògùn àná. Ìwé ara ẹ̀ ò dáa. Ṣé ẹ ti fún un?"

"Alẹ́ àná. Ó mu ṣíbí kan, nígbà tí mo fún un ní ìkejì ló tu ú síta, mo bá fi í sílẹ̀. Látìgbà yẹn ló ti ń sùn."

Ó tọ́ka sí orí ẹní. Ọmọ náà nà gbalaja, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mi ò gba àṣẹ. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ìka mi sí abẹ́ imú rẹ̀, mo dúró. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kan fẹ́ sí mi níka. Ó lajú, ó rí àjèjì, ó sì fi igbe ta.

Ìyá rẹ̀ gbé e. Mo mú ìgò àná lórí fèrèsé, mo fi tèmi sí àyè rẹ̀, mo ní ìdajì ṣíbí péré ni tọmọ, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo da oògùn àná sínú kòtò omi títí ìgò fi gbẹ.