Ojú Ẹni Tí À Ń Yẹ̀ Wò

Ilé ìwòsàn eegun kan ní Èkó ni mo wà nígbà náà. Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni à ń kọ́, bí a ṣe ń fi ọwọ́, ooru àti ìdárayá tọ́jú oríkèé àti iṣan tó ń dun ènìyàn. Kò tíì pọ̀ ní ilẹ̀ wa rárá. Bí mo bá sọ fún ará ilé pé iṣẹ́ tí mò ń kọ́ nìyẹn, wọ́n á ní, "Ṣé nọ́ọ̀sì ni?" Bí mo bá ní rárá, wọ́n á ní, "Ṣé dókítà ni?" Bí mo bá tún ní rárá, wọ́n á kàn wò mí bí ẹni tí owó ilé ìwé rẹ̀ ti ṣòfò.

Ìdánwò aláfọwọ́ṣe ló kù tí a ó ṣe. Wọn á gbé aláìsàn kan síwájú rẹ, ìwọ á sì yẹ oríkèé rẹ̀ wò ní ojú àwọn olùdánwò. Ètò kan wà tí ènìyàn kò gbọdọ̀ fò. O kọ́kọ́ béèrè. O wò. O fọwọ́ kàn án. O ní kí aláìsàn fúnra rẹ̀ gbé e, lẹ́yìn náà ìwọ á bá a gbé e, lẹ́yìn náà á tì ọ́, ìwọ náà á tì í padà kí o lè mọ agbára iṣan. Oríkèé tó dára ni o ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí o tó dé èyí tó ń dùn. Bí o bá sì ti ṣe èyí tó ń dùn tán, o gbọ́dọ̀ yẹ oríkèé òkè rẹ̀ àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò.

Mo mọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni mọ ọ̀nà oko. Àmọ́ nígbà tí a ṣe ìdánrawò, tí mo ń tẹ orúnkún bàbá kan, olùkọ́ wa, òyìnbó obìnrin kan tí kì í pariwo, béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé ó dùn ún?"

Mo ní, "Ó ní kò dun òun, Mà."

Ó ní, "Èmi rí i lójú rẹ̀ níbi tí mo dúró sí pé ó dùn ún. Ìwọ tí o di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kò rí i. Ojú rẹ wà nílẹ̀ látìgbà tí o ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ṣe báyìí níwájú àwọn tó ń bọ̀ wá dán yín wò, o ò ní yege, ẹ̀kọ́ rẹ lọ́dọ̀ wa sì parí nìyẹn."

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Ẹ̀jìgbò ni wọ́n ti tọ́ mi. Ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbà níbẹ̀, ìgbátí ni yóò gbà ní ìdáhùn. Ojú mi ti kọ́ ilẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n rìn. Òyìnbó yìí wá ní kí n gbé e sókè. Ibo ni n ó ti kọ́ ìyẹn bí kò ṣe lọ́dọ̀ àwọn tó kọ́ mi ní ti àkọ́kọ́? Nígbà tí wọ́n fún wa ní ìsinmi ráńpẹ́ ṣáájú ìdánwò, mo wọ rélùwéè dé Ìwó, mo sì gun ọkọ̀ akẹ́rù wálé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lójúlé nígbà tí mo dé. Àgbẹ̀ ni, oko rẹ̀ wà lọ́nà Màsífà, ọ̀pá sì ti wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ìgbà díẹ̀ nítorí orúnkún ọ̀tún tó ń dùn ún. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tó ti mu ẹ̀kọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fi orúnkún yín kọ́ iṣẹ́."

Ó ní, "Ìwé tí kò pa ọ́ ni o fẹ́ fi pa mí?"

Àbúrò bàbá mi obìnrin wà níbẹ̀, òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbíjàn dé, níbi tó ti ń ta aṣọ. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ẹ̀yin náà kò ṣáà sinmi igbe orúnkún."

Bàbá dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Mo béèrè ìgbà tó máa ń dùn ún. Ó ní bí òun bá fẹ́ jókòó kírun, tàbí bí òun bá fẹ́ dìde lórí ebè. Mo wo ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan orúnkún òsì láti mọ̀ bóyá ó gbóná.

Bàbá ní, "Ọ̀tún ni mo wí."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Èyí tó dára ni à ń kọ́kọ́ wò, kí a lè mọ bó ṣe yẹ kí ìkejì rí."

Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ǹjẹ́ o rí i? Bí ewúrẹ́ mi bá sọnù, ewúrẹ́ tó wà nílé ni yóò kọ́kọ́ wá."

Mo dé ọ̀tún. Kò gbóná, kò wú. Ó ká a fúnra rẹ̀, ó nà án. Èmi náà bá a ká a, àtẹ́lẹwọ́ mi lórí eegun róbótó iwájú orúnkún kí n lè mọ̀ bí nǹkan bá ń ha nínú rẹ̀. Ojú mi wà lórí ẹní. Mo ní, "Ṣé ó dùn yín, Bàbá?"

"A dúpẹ́."

Mo gbé e díẹ̀ sí i. "Báyìí ńkọ́?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹní ni o ń yẹ̀ wò ni? Nígbà tó ń dúpẹ́ yẹn, ojú rẹ̀ ti rí bí ojú ẹni tó jẹ ewúro láìfọ̀."

Mo wá sọ fún wọn ohun tí olùkọ́ mi sọ. Bàbá dìde jókòó. Ó ní, "Kí ọmọ tí mo sọ lórúkọ tẹjú mọ́ mi? Nínú ilé yìí?"

Àbúrò rẹ̀ ní, "Dókítà tó wo èjìká mi ní Àbíjàn, ojú mi ló ń wò ṣáá."

"Ọkùnrin náà kò níyàá ni?"

"Ó níyàá. Ó tún mọ ibi tó ń dùn mí. Fuwalà." Èdè Faransé ni, bí ẹni ń sọ pé "òun nìyẹn"; bó ṣe máa ń parí ọ̀rọ̀ nìyẹn látìgbà tó ti dé.

Bàbá ń pa irùngbọ̀n rẹ̀. Mo rò pé ó parí, pé n ó padà sí Èkó bí mo ṣe wá. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, kí ló máa ń ṣe?"

Mo ní, "A máa tọrọ ni."

"Kí o tọrọ ojú mi, nígbà náà. Bí mo bá fún ọ, kò sí ẹni tó lè ní o yájú. Bí o kò bá tọrọ, tí o sì wò mí, ìgbátí rẹ kò jìnnà."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo ní, "Bàbá, mo tọrọ ojú yín fún iṣẹ́ yìí."

Ó ní, "Mo fún ọ."

Mo gbójú sókè. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti bá ọkùnrin yìí gbé láti kékeré, n kò tíì rí i rí! Àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ tí n kò mọ̀. Ẹyinjú rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí ti bàbá tèmi. Mo di itan rẹ̀ mú kí ó má bàa gbéra, mo ká orúnkún náà nìkan, ojú mi lójú rẹ̀, kò sì sí nǹkan. Ojú rẹ̀ tutù. Mo ká a, mo nà án, mo tì í sọ́tùn-ún sósì, kò ṣẹ́jú. Orúnkún tó ní ó ń dun òun kò dùn ún!

Mo rántí ètò wa: oríkèé òkè, oríkèé ìsàlẹ̀. Mo yẹ ọrùn ẹsẹ̀ wò, kò sí nǹkan. Mo gòkè lọ síbi tí itan ti wọ inú ìbàdí. Mo gbé itan rẹ̀ sókè, mo ká orúnkún sí i, mo wá rọra yí ẹsẹ̀ náà kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè lọ síta.

Ẹnu Bàbá ní, "A dúpẹ́." Àmọ́ ojú rẹ̀ fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ihò imú rẹ̀ sì fẹ̀.

Mo ní, "Níbí ni! Bàbá, ìgbáròkó yín ni. Òun ló ń dùn yín tí ẹ fi ń gbọ́ ọ lórúnkún."

"Orúnkún ni mo ṣáà ń fi ọwọ́ pa."

"Ẹ wò ó, Bàbá, iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ìgbáròkó gba orúnkún kọjá. Òun ló ń fi irọ́ tàn yín."

Mo yí i ní òsì, ó yí tán láìfún ojú pọ̀. Ìyàtọ̀ náà hàn gbangba. Mo ní kí ó mú ọ̀pá rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún, kó gbé e sí òsì, kí ọ̀pá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún máa jùmọ̀ lọ. Ó ní ìyẹn kò bọ́gbọ́n mu, pé ẹsẹ̀ tó ń dùn ni ọ̀pá ń bá gbé ẹrù. Ó ṣáà gbìyànjú rẹ̀ dé ìdí igi ọ̀pẹ tó wà níwájú ilé. Nígbà tó ń padà bọ̀, kò sọ pé mo jàre. Ó kàn ní, "Wọ́n ti ń kọ́ yín ní nǹkan díẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

Látìgbà náà ni ilé wa kò ti sinmi. Àwọn ará ilé ń mú ìgbọ̀nwọ́ wá, wọ́n ń mú ọrùn ẹsẹ̀ wá. Wọ́n ń wá láti Màsífà, ìyá kan tilẹ̀ ti Ìsúndúnrìn wá. Olúkúlùkù ni mò ń tọrọ ojú lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì fún mi. Àbúrò bàbá mi fi ara rẹ̀ ṣe olùdánwò. Bí mo bá gbàgbé láti béèrè, ó ń pariwo. Bí mo bá fọwọ́ kan oríkèé tó ń dùn kí n tó kan èyí tó dára, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ gbá mi lọ́wọ́. Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé níbo ló ti kọ́ ọ. Ó ní ìwòran náà ń kọ́ni.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Olùdánwò méjì ló jókòó, olùkọ́ wa àti ọkùnrin kan tí n kò rí rí. Ìyá àgbàlagbà kan ni wọ́n gbé síwájú mi, èjìká òsì ló ń dùn ún. Nọ́ọ̀sì kan dúró tì í, ó fi aṣọ bò ó dé àyà. Inú mi dùn, n kò lè parọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ilé ìwòsàn nínú aṣọ funfun mi. Olùdánwò ọkùnrin náà dìde dúró, bóyá ó rò pé mo dákú ni.

Mo ní, "Ẹ kú ìnira, Mà. Iṣẹ́ yìí fẹ́ kí n máa wo ojú yín. Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ará òkè ni ọ́. Máa wò ó, kò ṣe é tà mọ́."

Mo béèrè, mo wò, mo sì fọwọ́ kàn án, láti ọ̀tún. Nígbà tí mo dé òsì, mo ní kí ó gbé apá sókè láti ẹ̀gbẹ́. Apá náà ń gòkè. Nígbà tó dé àárín, ìpéǹpéjú rẹ̀ fò, ètè rẹ̀ sì le. Nígbà tó kọjá ibẹ̀, ojú rẹ̀ tún sinmi títí apá fi dé òkè. Bó ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ náà ló tún rí ní àárín. Mo bá a gbé e, ó gòkè tán pátápátá. Mo di apá rẹ̀ mú nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbé e, mo ní kí ó tì mí, ojú náà tún fò. Mo yẹ ọrùn wò, mo yẹ ìgbọ̀nwọ́ wò. Wọn kò ní ohunkóhun.

Olùdánwò ọkùnrin náà ní, "Níbo ni ìrora náà ti bẹ̀rẹ̀, níbo ló ti parí?" Mo fi apá tèmi hàn án. Mo ní iṣan tó ń bẹ̀rẹ̀ gbígbé apá, tó gba abẹ́ eegun ṣóńṣó èjìká kọjá, ló ń fún mọ́ra ní àárín yẹn.

Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ? Ìyá náà kò sọ̀rọ̀ rárá nígbà tó ń gbé e."

Mo ní, "Ojú rẹ̀ ló sọ, Sà."

Olùkọ́ mi fa ìwé rẹ̀ mọ́ra. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, ó sì kọ ọ́ pẹ́. Nígbà tí mo ń jáde, ìyá náà béèrè bóyá mo yege. Mo ní wọn kò tíì sọ.

Ó ní, "Èmi ti mọ̀. Èmi náà ń wo ojú tiwọn."

Nígbà tí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó yege mọ́ ara ògiri, tèmi wà níbẹ̀.