Ibi tí Fóònù Wà

Rafiou tó ń wa áńbúláǹsì ní Savè kì í fẹ́ gbọ́ "lẹ́bàá igi kajú." Kajú wo nínú ẹgbẹ̀rún? Á jágbe mọ́ ẹ: "Fi ibi tó o wà ránṣẹ́ lórí WhatsApp!"

Ọláolúwa, àgbẹ̀ kan ní Sakin, fi ránṣẹ́. Rafiou tẹ̀ lé àmì náà títí dé ìdí àpáta, Ọláolúwa nìkan ló bá níbẹ̀.

"Ìyàwó ẹ tí ejò bù jẹ dà?"

"Ó wà lóko, ẹ̀gbọ́n. Ibí ni fóònù mi ti rí rézò tí mo fi pè yín."

"Òpònú! Ibi tí fóònù wà ló ń fi hàn, kì í ṣe ibi tí aláìsàn wà! Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ó bú u títí wọ́n fi padà dé oko. Obìnrin náà jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú.

"Mo juwọ́ sí yín nígbà tẹ́ ẹ̀ ń kọjá lọ," ló wí fún Rafiou. "Fóònù lẹ̀ ń wò."