Dáàṣì Tí Ìyá Kọ̀ǹpútà Pa Rẹ́

Ogún ọdún ni Ìyá Kọ̀ǹpútà ti ń tẹ̀wé nílé ìwòsàn wa. Lánàá, ọ̀gá dúró lé e lórí bí ọlọ́pàá. Ìlànà oògùn tí ìyá náà dà kọ láti inú PDF rí jákujàku: ìlà já, àkọlé kan náà wà lókè gbogbo ojú ewé, dáàṣì gé ọ̀rọ̀ sí méjì níparí ìlà. Ó so ìlà pọ̀, ó yọ àkọlé. Dáàṣì tó máa ń yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí kọ̀ǹpútà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Mo bi í pé, “Mọ́mì, ẹ ò tún un kà?”

“Ṣé ọ̀gá yín jẹ́ kí n mí ni?”

Láàárọ̀ yìí, mo kà á nínú ìlànà tuntun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri wọ́ọ̀dù: “Hóró 12 lẹ́ẹ̀kan.” 1-2 ló wà nínú PDF.

Nọ́ọ̀sì ti pín oògùn òwúrọ̀ tán.