Ọjọ́ Tí Tiransifọ́mà Abà Lálẹ́yẹ Kò Ké

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Elijah Adéògún fi gun òpó iná káàkiri Lágelú, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ọjọ́ kan ń wò. Eékún rẹ̀ ọ̀tún máa ń dún kẹ́kẹ́ bó bá ń gun àkàsọ̀, ọwọ́ tó sì fi ń di ọ̀pá mú ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀. Ó ku oṣù mẹ́jọ kó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù tó ń lọ kò ju kí oṣù mẹ́jọ náà kọjá wọ́ọ́rọ́, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé tiransifọ́mà kan bàjẹ́ lọ́wọ́ Elijah.

Òfin kan ló wà lẹ́nu rẹ̀ tí gbogbo ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ mọ̀ sórí: a kì í fi iná sí tiransifọ́mà tí lóòdù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Lóòdù ni àwọn oníná ń pe ohunkóhun tó bá ń jẹ iná, ìbáà ṣe gílóòbù, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ìlọta. Kọ́kọ́ yọ gbogbo fíúsì tó wà nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransifọ́mà, kí ilé kankan má lè fa iná. Lẹ́yìn náà ni kó o lọ sídìí òpó, kó o fi ọ̀pá gígùn ti fíúsì mẹ́ta tó wà lókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iná máa ń ta sójú ẹni tó bá ti fíúsì mọ́ lóòdù tó wúwo. Elijah ti rí ẹni tí ojú rẹ̀ kan fọ́ nípa bẹ́ẹ̀, nítorí náà kì í fi òfin yìí ṣeré.

Lateef ló kọ́ òfin náà lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Ọmọ Ẹ̀gbẹ́dá ni, ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínlógójì, ó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, ọdún kẹwàá tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ nìyí. Òun náà ni Elijah fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìwé kan ṣoṣo lé nídìí iṣẹ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Alhaja Mùjíbátù kọ́ ilé iṣẹ́ gaàrí àti èlùbọ́ sí Abà Lálẹ́yẹ. Wáyà iná ńlá ń kọjá lójú títì, àmọ́ itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí ló wà láàárín títì àti ilé iṣẹ́ náà. Àwọn àgbà abà ní òpó iná ò ní gba orí àwọn bàbá àwọn kọjá, ẹnikẹ́ni ò sì bá wọn jiyàn. Ni wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ yí itẹ́ náà ká, wọ́n ri kébù, wáyà nínípọn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀, sínú kòtò náà, ó ju irinwó ìṣísẹ̀ lọ. Fíúsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí òpó lójú títì, tiransifọ́mà wà ní òpin kébù lọ́hùn-ún. Irú rẹ̀ ò sí lágbègbè Elijah rí. Gbogbo èyí tó ti ń fi iná sí láti ọjọ́ yìí, abẹ́ fíúsì wọn gan-an ni wọ́n wà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi iná síbẹ̀, Elijah yọ lóòdù kúrò bó ti máa ń ṣe. Ó ti fíúsì kìíní. Kó tó fi ọ̀pá kan ìkejì, tiransifọ́mà bú ramúramù lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí lọ́rì tó kó páànù bá ń sáré lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò. Ó yára ti ìkejì, ó ti ìkẹta, ariwo náà sì dáwọ́ dúró. Ọlọ́dẹ ilé iṣẹ́ náà, tó ti yọ́ so wáyà gílóòbù kan ṣoṣo mọ́ iwájú àpótí fíúsì kí yíyọ fíúsì má bàa pa á, jáde wá wí pé gílóòbù òun tàn bí oòrùn, ó sì fọ́ yángá. Elijah ní ohun tuntun ló ń pariwo, yóò mọ́ ọn lára.

Lóṣù kejì, wọ́n ní láti sọ iná ibẹ̀ kalẹ̀ kí wọ́n lè gé ẹ̀ka igi tó dà sórí wáyà. Elijah wà ní àpéjọ ìjọ rẹ̀, Lateef ló lọ. Òjò ti ṣú, ọkàn Lateef ò balẹ̀, ó gbàgbé àpótí fíúsì pátápátá. Alhaja ti pa àwọn ẹ̀rọ ìlọta, àmọ́ àwọn ààrò oníná mẹ́rin tí wọ́n fi ń mú èlùbọ́ gbẹ ṣì wà lórí iná. Lateef ti fíúsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó jẹ́wọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, nítorí kì í parọ́ fún un. Ó wá fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n ọ̀gá, kò ké o. Kò tiẹ̀ ké rárá."

"Ṣé ariwo ni mo bi ọ́? Dákẹ́ jàre!" ni Elijah fi dá a lóhùn. Ó bá a wí títí ó fi rẹ òun fúnra rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, wọ́n tún sọ iná náà kalẹ̀ fún iṣẹ́ kan, Elijah ló sì fẹ́ dá a padà. Ó yọ lóòdù. Ó ti fíúsì kìíní, tiransifọ́mà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọwọ́ rẹ̀ tó ti rẹ̀ ò jẹ́ kí ọ̀pá kan fíúsì kejì, ó tàsé lẹ́ẹ̀mejì, ariwo náà sì pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan. Lójijì, arésítà kan, ohun bí ìgò tó ń gbé iná àrá wọlẹ̀, bú gbàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransifọ́mà, àfọ́kù rẹ̀ sì fò dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́. Kò ba ẹnikẹ́ni. Iná kú, ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀gẹ́ Alhaja fi ń jẹrà nínú àpò.

Ọ́fíìsì ní kí Elijah kọ ohun tó fà á. Ó jókòó ti bébà náà, ó ro oṣù mẹ́jọ tó kù, ó sì kọ ọ́ pé ọjọ́ tí Lateef fi iná sí i pẹ̀lú lóòdù ni nǹkan ọ̀hún ti fara gbọgbẹ́. Ó gba ohun tó kọ gbọ́. Bí a bá ní ká sọ òtítọ́, ó gbà á gbọ́ torí pé òun ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Wọ́n ní kí Lateef lọ jókòó sílé, kó wá síwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé lílé ni wọ́n fẹ́ lé e.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ẹnjinníà Ọmọ́tọ́lá dé láti ìlú Ìbàdàn pẹ̀lú ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Obìnrin kékeré ni, bàtà rẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó yẹ tiransifọ́mà wò, ó ní inú rẹ̀ dá. Wọ́n pààrọ̀ arésítà. Ó wá rin etí itẹ́ òkú náà lọ sí títì, ó rìn ín padà, ó ń ka ìṣísẹ̀.

"Bàbá," ló wí, "ìgbà wo gan-an ló máa ń ké?"

"Tí mo bá ti ti fíúsì kìíní. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti wọlé, á dákẹ́."

"Ẹ sì ti yọ lóòdù kúrò?"

"Ẹnjinníà, èmi kì í fi lóòdù sílẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni."

"Ó ti ṣẹlẹ̀ rí kó má ké?"

Elijah yíjú sí títì. Ohùn Lateef ló ń gbọ́: kò tiẹ̀ ké rárá.

"Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan," ló wí níkẹyìn. "Lóòdù wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Ọmọ́tọ́lá mi orí. Ó jókòó sórí ìpìlẹ̀ tiransifọ́mà, ó sì rọra ṣàlàyé, kò fi ìwé tó kà yan. Ó ní kébù tí a rì mọ́lẹ̀ máa ń tọ́jú iná sára, bó bá ṣe gùn tó ni èyí tó ń tọ́jú ṣe pọ̀ tó. Wáyà tí a wé mọ́ irin nínú tiransifọ́mà náà ń tọ́jú iná lọ́nà tirẹ̀. Bí fíúsì kan bá wọlé tí méjì ṣì wà ní ṣíṣí, iná á gba inú tiransifọ́mà lọ sínú kébù àwọn méjì tí a ò tíì tì, kébù àti tiransifọ́mà á sì máa ju iná síra wọn.

"Bàbá, ẹ ti ti ọmọdé lórí jangirọ́fà rí. Ìtì kékeré ni, ṣùgbọ́n tó bá ń bọ́ sí àkókò, ọmọ yẹn á máa lọ sókè sí i. Bí iná yẹn ṣe ń ga nìyẹn, títí á fi di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta. Irin inú tiransifọ́mà á kún ju bó ti yẹ lọ, ariwo tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ nìyẹn. Iná àrá tí kì í pẹ́ ni wọ́n ṣe arésítà fún. Èyí ò dáwọ́ dúró ní tirẹ̀, ló fi gbóná tó fi bú."

"Lóòdù wá ńkọ́?"

"Lóòdù ni ẹsẹ̀ tí ọmọ yẹn ń wọ́ nílẹ̀. Kò ní í jẹ́ kó ga."

Ó ní òfin Elijah dára níbi tí fíúsì bá wà lórí tiransifọ́mà. Níbi tí kébù gígùn bá wà láàárín wọn, òfin náà gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀, pàápàá lórí wáyà ńlá bí èyí tó ń bọ́ tiransifọ́mà kékeré. Òun á kọ̀wé kí wọ́n gbé suwíìṣì tó ń ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sórí òpó. Kó tó dé, kí wọ́n fi àwọn ààrò sílẹ̀ lórí iná, bí wọ́n bá fẹ́ fi iná sí i àti bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta ni kí wọ́n pa, torí iná tí kò pé lè jó wọn.

Alhaja Mùjíbátù tan ààrò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Elijah dá fíúsì padà sínú àpótí pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì rìn lọ sí títì. Kò tíì rí ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbé ọ̀pá sókè, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí ìbẹ̀rù ìtàpàrà, ó ti fíúsì kìíní. Ìtàpàrà kékeré bí ìṣáná. Ó tẹ́tí.

Ẹyẹ kan ń ké nínú itẹ́ òkú. Kò sí ohun mìíràn tó ń ké.

Ó ti ìkejì, ó ti ìkẹta, ó wá jókòó sí ìdí òpó náà pẹ̀lú ọ̀pá lórí itan. Ojú ń tì í. Ó rò ó pé bóun bá dákẹ́, suwíìṣì tuntun á dé, ariwo á tán, oṣù mẹ́jọ á kọjá, ẹnikẹ́ni ò sì ní í béèrè mọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó wù ú láti dákẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, Lateef ti wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì nígbà tí Elijah dé, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí Jímọ̀. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún un bíi ti àtẹ̀yìnwá. Elijah ò lè wò ó lójú.

Nínú yàrá, alága ìgbìmọ̀ na ìwé Elijah sí i pé kó kà á sókè. Elijah gba ìwé náà, ó pa á pọ̀, ó fi í sápò.

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi ní bébà mìíràn," ló wí. "Èyí tí mo kọ ò tọ̀nà. Èmi ni mo fọ́ arésítà yẹn. Kí Ẹnjinníà tó dé, ọjọ́ kan ṣoṣo tí nǹkan náà ò ké, Lateef ló fi iná sí i."

Alága wo Lateef. "Ìwọ mọ̀ pé kò ké lọ́jọ́ náà, kí ló dé tó ò sọ fún ọ̀gá rẹ?"

Lateef tẹ orí ba. Elijah mọ̀ pé kò ní í fèsì láé, kódà bí wọ́n bá fẹ́ torí rẹ̀ lé e.

"Ó sọ fún mi," ni Elijah wí. "Mo ní kó dákẹ́."