Èsì Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Sí Oko Adìyẹ

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ èyí. Òun náà ló bá mi tẹ èsì ọjọ́ yẹn.

Oko adìyẹ kan ní Ayọ̀bọ̀ ló pè mí síṣẹ́, kí n wá máa tọ́ ọmọ adìyẹ ọjọ́ kan fún wọn. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà lóṣù ni wọ́n kọ ránṣẹ́ sórí fóònù. Kò lè tó. Onílé mi ní Ìgàndò ti fi kún owó ilé. Ọmọ mi ní kí n kó wá sọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n yàrá tí èmi àti ìyàwó mi gbé nìyẹn, ibẹ̀ ló kú sí. N ò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Ìpájà. Mo bi àwọn méjì tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi. Àwọn méjèèjì ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà làwọn ń gbà.

Mo délé, mo ní kí ọmọ ọmọ mi kọ ọ́: ẹ ṣé, mo fẹ́ iṣẹ́ náà. Ọgọ́fà ni wọ́n ń san lágbègbè wa. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni mo ti tọ́, ọmọ adìyẹ ọgọ́rùn-ún márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó kú kò pé mẹ́wàá rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ san ọgọ́fà fún èmi náà.

Ó kà á sí mi létí. "Bàbá, ẹ mà le o! Ta ló máa ka eléyìí tí ò ní fowó kún un?"

Orí mi wú.

Ó ti pẹ́ tí etí mi ò ti gbọ́ ohùn tín-ín-rín mọ́. Ìyàwó mi ló máa ń gbọ́ igbe àwọn ọmọ adìyẹ lóru. Á gbọ̀n mí jí: "Ẹ dìde, òtútù ń mú wọn." Èmi á wá koná mọ́ èédú. Lẹ́yìn tó kú, mo dá ọ̀wọ́ kẹrin tọ́. Ilẹ̀ mọ́, mo bá àádọ́rin nínú wọn tó ti kú níbi tí wọ́n ti ń gun orí ara wọn nítorí òtútù. Mo sùn ni. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń gbọ́ wọn, èmi tí etí mi ò gbọ́ dáadáa.

Mo ní, "Fi àádọ́rin yẹn kún un. Kọ ọ́ pé ìyàwó mi ló ń gbọ́ igbe wọn fún mi, pé ó ti kú."

"Háà, Bàbá! Wọ́n máa gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì ni o."

"Ṣá kọ ọ́."

Ó kọ ọ́, ó ń kùn.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n dáhùn. Wọ́n ní àwọn á san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, àwọn á sì gba ẹnì kan tí etí rẹ̀ mú mọ́ mi. Ẹni tó bá wù mí ni kí n mú wá, kí n sọ orúkọ rẹ̀.

Inú ọmọ ọmọ mi dùn. Ó ti gbé ìka lé fóònù. "Ó yá, Bàbá, ta ni ká kọ?"

Orúkọ ìyàwó mi ló jáde lẹ́nu mi.

Ó wò mí. Kò tẹ̀ ẹ́. Èmi náà ò sì sọ orúkọ mìíràn.