Rodo Aláwọ̀ Ìyeyè

Ìyá Onírúgbìn wo agbọ̀n tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbé kalẹ̀, ó yínmú. Gbogbo ata tó ká wá ló ṣì tutù bí ewé, tìsàlẹ̀ sì ti ń jẹrà.

“Mo ti ṣà wọ́n, Mọ̀mọ́. Tàtàṣé ló tóbi yìí, ṣọ̀mbọ̀ ló gùn tẹ́ẹ́rẹ́, rodo ló rí rogodo tó hunjọ.”

“Ojú ò fọ́ mi. Nínú rodo yìí, èwo ni ì bá pọ́n pupa, èwo ni ì bá pọ́n bí ìyeyè?”

Ìyàwó yẹ rodo kan wò. Ata tútù kì í sọ àwọ̀ tó máa pọ́n sí, bẹ́ẹ̀ rodo aláwọ̀ ìyeyè ni ìyá fẹ́ gbìn, irúgbìn rẹ̀ sì ti tán nílé.

“Ẹ ṣáà ní kí n yára.”

“Mi ò ní kí o já ata gbà lọ́wọ́ oòrùn.”

Wọ́n wá èyí tó ti pọ́n dé ẹ̀yìn balùwẹ̀. Ẹyọ kan ṣẹ́kù lórí igi, ó pọ́n bí ìyeyè, àmọ́ ẹyẹ ti ṣá a jẹ, ìdin ń rìn nínú rẹ̀.

Ìyá tutọ́. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń ṣa hóró kúrò láàárín ìdin.

“Gbé abọ́ wá,” ló wí, “má sì rẹ́rìn-ín.”